LÉTÀ ÌBÁNIKẸ́DÙN TÍ A KỌ NÍ Ẹ̀Ẹ̀MẸTA

Kí a tó kan ọ̀rọ̀ owó àjẹsẹ́kù àti ti àwọn tó ń béèrè ẹ̀yáwó, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí a jọ gbọ́. Ọ̀rọ̀ létà ni, létà tí ẹgbẹ́ ń kọ sí ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ó ṣe sùúrù kà á dé ìdí.

Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wa, olùkọ́ ni, pàdánù ìyàwó rẹ̀ níbi ọmọ bíbí. Akọ̀wé ìgbà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú o, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa létà tí a ti kọ sí ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀ yọ nínú fáìlì, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n yí orúkọ tó wà lókè padà, wọ́n gbàgbé ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí ọkùnrin yìí ṣe jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn, tí ó ń ka ìwé tó ń kí i pé ó kú ìnáwó bàbá rẹ̀ àgbà, pé Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ òun náà sin òun. Ní ọjọ́ ìpàdé ó gbé ìwé náà sórí tábìlì. Kò jà, kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá ta ló kú?" Ó sì jáde. Títí di òní, owó rẹ̀ ló ń rán sí ìpàdé, kì í rán ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ akápò wa ní ọdún yìí, ẹ̀rù ba ìgbìmọ̀. Alhájà ni ẹ̀gbọ́n nínú wa, òun ló sì ń tọ́jú ìwé owó wa láti ọjọ́ pípẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 41, kú ní Àbíjàn. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú wa Èjìgbò ṣe rí: láti Òkè títí dé Másífà, láti Ọlá dé Ilawó, ó ṣòro kí ẹ tó rí agbo ilé tí kò ní ẹnì kan ní Àbíjàn. Èdè Faransé ń dún ní ìgboro wa, owó sẹ́fà ń ná ní ọjà wa. Àìsàn bá a níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó kú sí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wí. Kí Alhájà tó ríran dáadáa, òkú ti wọlẹ̀. Láti ibí sí Àbíjàn, ènìyàn gbọ́dọ̀ la ilẹ̀ Bìnì, Tógò àti Gáná kọjá. Ọkọ̀ wo ló fẹ́ sáré gbé e débẹ̀?

Alhájà fúnra rẹ̀ ló gbà wá láyè pé kí a tẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí jáde, ó ní kí a kàn má dárúkọ òun àti ti olóògbé. Níbi tí ẹ bá ti rí Lágbájá, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá fún ìgbìmọ̀ nìyí, bí ó ti wà gan-an:

"Kókó Ọ̀rọ̀: Ikú Àbúrò Yín. Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni ìgbìmọ̀ alákòóso fi gba ìròyìn ikú òjijì àbúrò yín ọ̀wọ́n, ẹni tó tẹ́rí gbaṣọ ní orílẹ̀-èdè òkèèrè. Ikú rẹ̀ jẹ́ àdánù ńlá fún ẹbí, fún ẹgbẹ́ wa, fún ìlú Èjìgbò àti fún orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Ó fi àlàfo sílẹ̀ tí yóò ṣòro láti dí. Ọlọ́run ló fún ni, Òun náà ló sì gbà á. Ẹ má ṣe sunkún mọ́, ẹ mú ọkàn le. Ọlọ́run yóò fún yín ní agbára láti fara da àdánù tí kò ṣeé dá padà yìí. Bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ má ṣe lọ́ra láti kàn sí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé owó ẹ̀yáwó ti oṣù yìí ṣì wà nílẹ̀. Kí ọkàn rẹ̀ sùn un re."

Igbákejì akọ̀wé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀, gba ìwé náà. Ó fi àtàǹpàkò bo ibi tí a kọ "àbúrò yín" sí, ó wá ní, "Ẹ wò ó, ta ló kú?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ó lè jẹ́ ọba, ó lè jẹ́ awakọ̀, ó lè jẹ́ ìyá arúgbó. Ìdánwò yìí la ń lò láti ọjọ́ náà, kò sì tíì já wa kulẹ̀: bí ẹ bá bo orúkọ tí gbólóhùn kan ṣì bá gbogbo òkú mu, gbólóhùn náà kì í ṣe ti ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí. Nínú gbogbo gbólóhùn ìwé yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ ti Alhájà nìkan. Ti owó ẹ̀yáwó ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí òun ló burú jù. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní inú burúkú. Ó rò pé ìwé kan náà yóò gba iṣẹ́ méjì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í ka létà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí àwa ti ń kà á. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ bá ohun tó le jù lọ. Bí owó bá wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni gbogbo ìwé náà dà. A yọ ọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó, a sún owó oṣù náà síwájú ní oṣù kan, a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé kí ó lè ní ẹ̀sẹ̀ nílẹ̀, a sì fi ìwé mìíràn sọ ọ́ fún un lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ tán. Àwọn onídùúró rẹ̀ la kọ́kọ́ sọ fún, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ níta.

Lẹ́yìn èyí ni "ikú òjijì." Ẹnu ti mọ́ wa lára láti máa so òjijì mọ́ ikú tí kì í bá ṣe ti arúgbó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjijì. Láti bí oṣù mélòó kan ni Alhájà ti ń ra oògùn, tí ó ń fi í rán àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Àbíjàn. Gbogbo wa la mọ̀, ó ti tọrọ àyè kúrò ní ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Bí a bá wá kọ "òjijì", ohun tí a ń sọ fún un ni pé gbogbo wàhálà yẹn, a kò rí i.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní ọdún 1864, nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, létà kan jáde lórúkọ Àbúráhámù Líńkọ́nì, olórí orílẹ̀-èdè náà, sí opó kan ní ìlú Bọ́sítìnì. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ opó náà márùn-ún ló kú sójú ogun, ohun tí létà náà sì sọ nìyẹn. Ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde, ó di létà tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí pé ó dára. Nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ogun wò, ọmọ méjì ni ogun pa. Líńkọ́nì kò purọ́. Iye tí wọ́n gbé wá fún un ni kò yẹ̀ wò. Bí ti ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ bá lè rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù rin ẹsẹ̀ méjì dé ilé ẹbí kí ó tó gbé bírò: kí ni orúkọ olóògbé, báwo ló ṣe bá ẹni wa tan, àìsàn ni àbí jàǹbá, ṣé wọ́n ti sin ín, ẹ̀sìn wo ló ń ṣe. Ẹ má bi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gan-an o. Àbúrò rẹ̀ tàbí aládùúgbò ni kí ẹ bi.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ń fẹ́ àkíyèsí, pàápàá lọ́dọ̀ àwa ará Èjìgbò. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Kódífuà, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn níbẹ̀ yàtọ̀ sí bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé. Músá tiwa, èdè Faransé á fi "ou" kọ "ú" rẹ̀, á sì fi "s" méjì sí i. Akọ̀wé wa rí orúkọ olóògbé nínú ìròyìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn, bí ó ti rí i ló ṣe kọ ọ́. Alhájà kò pe àbúrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ ara ẹni tí a fi kọ ìwé kò sì gba ènìyàn lọ́wọ́ irú àṣìṣe yìí: ní ọdún 2009, Gọ́dọ́ọ̀nù Bíráùn, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ létà sí ìyá ọmọ ogun kan tó kú ní Afugánísítànì, ó ṣi orúkọ ẹbí náà kọ. Ìyá náà bínú, ọ̀rọ̀ náà wọ ìwé ìròyìn, olórí ìjọba sì ní láti fi tẹlifóònù tọrọ àforíjì.

"Àdánù fún orílẹ̀-èdè lápapọ̀" kò gbà wá lákòókò. Ẹ̀rín ló pa ẹnì kan, a sì fa igi lé e lórí. Púpọ̀ nínú wa kò fojú kan ọkùnrin náà rí, báwo ni a ó ṣe sọ pé ó fi àlàfo sílẹ̀ fún Nàìjíríà?

Ṣùgbọ́n ìgbà tí a yọ ọ́ tán ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀, nítorí ibi tí a ti yọ ọ́ wá ṣófo. Kí la mọ̀ nípa rẹ̀? Alága ní kí a má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn ló ní, "Ẹ ò rántí fóònù ni?" Gbogbo wa rántí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé ni ọkùnrin yìí máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fóònù á dún, Alhájà á dìde, á ní "Àbúrò mi ni" kí ó tó ní "ẹ má bínú", á bọ́ síta. Láti inú yàrá ìpàdé ni a ó ti máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. A ti máa ń kùn sí i nígbà mìíràn pé ó ń dá ìpàdé dúró. Ẹ̀rín yẹn la kọ sínú ìwé, kò sì sí ohun mìíràn nínú létà náà tó ju ìyẹn lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti ṣòwò ní Àjàmé, ní Àbíjàn, fi kún un pé òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ní bí ọkọ̀ láti Èjìgbò bá ti dé, ọkùnrin náà á lọ sí gáréèjì lọ wò ó bóyá ẹnì kan wà tí kò ní ibi tí yóò sùn. Òun náà sùn nílé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èyí tún dára, a kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dùn mọ́ bàbá yìí lẹ́nu, ó wá ní kí a má gbàgbé láti kí àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì. Alága wò ó. "Méjì kẹ̀?" Nílé níbí, ọ̀kan ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹ rí ewu yẹn! Ìrántí tó dára gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹbí lè kà sókè níwájú àlejò láìbojú wẹ̀yìn. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ilé mọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

A wá kan ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ikú, ibẹ̀ la sì ti pẹ́ jù. Ìwé àkọ́kọ́ ní ó "tẹ́rí gbaṣọ". Èdè ìròyìn rédíò nìyẹn, ó dùn létí nígbà tí kì í bá ṣe òkú ẹni. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún òkú kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ṣì í lò, ó ti ṣe àṣìṣe tí gírámà kò lè tún ṣe. Ọba ló ń wàjà. Àgbàlagbà tó ti rí ọmọ rí ọmọ-ọmọ ló ń papò dà, òun ló ń re ibi àgbà ń rè. Ẹni ọdún 41 kò papò dà níbì kan. A fẹ́ kọ "ṣaláìsí"; ó dára, ṣùgbọ́n ó tutù díẹ̀. A kò lè kọ "kú" lásán sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ó dákẹ́" ni a fẹnu kò sí, bí Alhájà fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún alága lórí fóònù nìyẹn. Bí ẹ bá lè rí ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́dùn fúnra rẹ̀ lò, ẹ lo tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yóò wá rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́ ni kí a kó dànù. Rárá o. Ìkíni wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo; bí létà ìbánikẹ́dùn bá lọ láìsí ìkíni, ìhòhò ló lọ. Ohun tó ń ba ìkíni jẹ́ ni kí a tò ó jọ bí àgbàdo, kí a má sì wò ó bóyá ó bá òkú náà mu. Bí ó bá jẹ́ arúgbó, a ó ní ẹ kú ìnáwó, a ó ní ẹ̀yìn òkú á dára. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n tó ń sunkún àbúrò, ẹ ti kí i kú oríire. "Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́" ló tọ́ sí i, ẹ kò sì lè sọ ìyẹn fún ẹni tí ìyá rẹ̀ pé 95 kí ó tó lọ. "Sùn un re" tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà, létí àwa tó wà níjókòó, ti ilé ìsìn àwọn onígbàgbọ́ ló jọ; Mùsùlùmí ni Alhájà, Mùsùlùmí ni àbúrò rẹ̀. A fi àdúà tó mọ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹyọ kan péré.

Ìkíni tí a gbé sókè pátápátá ni "a kú ará fẹ́ra kù". Ẹ wo bí ó ṣe yàtọ̀ sí "ẹ kú ará fẹ́ra kù". Bí a bá ní "ẹ kú", ẹ̀yin ni ohun ṣe, àwa ń kí yín. Bí a bá ní "a kú", àwa náà wà lára àwọn tí ènìyàn dín lọ́wọ́ wọn. Kò yẹ kí a lo "a" sí ẹni tí a kò bá rìn. Fún Alhájà, a rò pé a ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí fóònù yẹn kò ní dún mọ́ ní ìpàdé tiwa náà.

"Ẹ má ṣe sunkún mọ́, ẹ mú ọkàn le" kúrò níbẹ̀ láìsí ìjà. Ta ni ìgbìmọ̀ tí yóò fi òfin de omijé àgbàlagbà? "Ọlọ́run ló fún ni, Òun náà ló sì gbà á" fa àríyànjiyàn díẹ̀, nítorí òtítọ́ ni, gbogbo wa sì gbà á gbọ́. Ohun tí a sọ nígbẹ̀yìn ni pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ láti fi tu ara rẹ̀ nínú. Bí ẹni tí kò pàdánù nǹkan bá sọ ọ́ fún un, ó dà bí ẹni tó ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ó tún ku "bí ẹ bá nílò ohunkóhun". Ó jọ oore, iṣẹ́ ló ń dì lé ẹlẹ́dùn lórí: òun ni yóò ronú ohun tó fẹ́, òun ni yóò ru ojú tì í wá béèrè. Alhájà tí a mọ̀ kò ní béèrè láéláé. A bi ara wa léèrè pé kí ni a lè ṣe gan-an, tí a ó sì ṣe é. Ìwé owó oṣù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igbákejì akọ̀wé gbà láti máa kọ ọ́. Àdúà ọjọ́ kẹjọ tí a ń pè ní fídáù ń bọ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ gbà láti gbé oúnjẹ wá. Ohun méjì yìí la kọ, a kò ṣèlérí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ìwé kejì tí a kọ sì tún já wa kulẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú ìwé méjì ló gùn. Ọ̀kan nínú wa tí òun náà ti sin àbúrò rí kọ ìtàn tirẹ̀ sí àárín rẹ̀, láti ọjọ́ àìsàn títí dé ìsìnkú. Ìtàn náà ká wa lára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á tán, òkú tirẹ̀ ni yóò máa kí i sí. A bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Ó ní òun yóò lọ sọ ọ́ fún Alhájà lẹ́nu bí ọjọ́ bá pẹ́, a sì gbọ́ pé ó lọ.

A wá ní kí akọ̀wé kà á sókè. Ẹ má fi èyí ṣeré. Ní ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ọmọ ló máa ń ka létà fún àgbà létí, nítorí náà etí la ń kọ ọ́ fún. Ibi tí ahọ́n akọ̀wé ti kọsẹ̀, ibẹ̀ la ti rí gbólóhùn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rò kí a tó fi Yorùbá kọ ọ́. "Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo" ni àkọ́kọ́ nínú wọn. A yọ "Kókó Ọ̀rọ̀" àti ilà tó wà lábẹ́ rẹ̀. A yọ nọ́ńbà fáìlì. A fi ọwọ́ kọ ọ́ sórí ìwé lásán, àwọn mẹ́ta tó sún mọ́ ọn jù sì kọ orúkọ ara wọn sísàlẹ̀ dípò "Fún Ìgbìmọ̀".

Èyí tó lọ nìyí:

"Alhájà wa, a kú ará fẹ́ra kù o.

A gbọ́ pé Lágbájá ti dákẹ́ ní Àbíjàn, lẹ́yìn àìsàn tí ẹ ti ń bá a jà láti ọjọ́ yìí wá. A rí gbogbo oògùn tí ẹ ń fi ránṣẹ́. A sì mọ̀ pé ẹ kò débẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ó dùn wá fún yín.

Púpọ̀ nínú wa kò fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wá sí ìpàdé tí kò mọ̀ ọ́n. Fóònù á dún lọ́sàn-án, ẹ ó ní 'Àbúrò mi ni', ẹ ó bọ́ síta, a ó sì máa gbọ́ ẹ̀rín yín. A máa ń kùn nígbà náà. A kò ní kùn mọ́.

Ẹnì kan nínú wa tó bá a gbé ní Àjàmé ní bí ọkọ̀ Èjìgbò bá dé, ó máa ń lọ wo ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn. Òun náà sùn nílé rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò gba kọ́bọ̀.

Kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n máa gbọ́ irú ìròyìn yìí nípa àbúrò. Kí Ọlọ́run dárí jì í, kí Ó fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, kí Ó má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ má ronú ìwé owó. Igbákejì akọ̀wé yóò máa kọ ọ́ fún oṣù méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ fídáù, àwọn obìnrin wa yóò gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá. Ẹ má dáná dè wá."

A kò fi létà náà rọ́pò ẹsẹ̀ wa o. A ti lọ jókòó tì í ní ọjọ́ kejì tí a gbọ́, bí ó ti yẹ. Ọjọ́ kẹfà, nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dín nínú ilé, ni a fi ìwé ránṣẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwé á sọnù sáàárín àlejò.

Alhájà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kò sì bi í. Nígbà tó padà sí ìpàdé, ó pe akọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí ó bá òun kọ ẹ̀dà kan sí i, kí òun fi ránṣẹ́ sí àkọ́bí olóògbé. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò lè kà á, Faransé ló kà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó gbé Àjàmé ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù tán, títí dé orí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló kù. Ó ní òun kò tíì rí bí wọ́n ṣe ń sọ "a kú ará fẹ́ra kù" lédè Faransé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kí ó jọ̀ọ́ kàn sí akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé.